Bí a ṣe ń tan ipò géèmù lórí tẹlifíṣọ̀n kí ohun tí ọwọ́ tẹ̀ lè tètè hàn

Ẹ tẹ bọ́tìnì pé kí ẹni inú géèmù fò, ó sì já sínú kòtò kó tó gbéra. Ẹ tún un ṣe, lọ́tẹ̀ yìí ẹ tẹ̀ ẹ́ ṣáájú àsìkò díẹ̀, ó sì kọjá. Bí ẹ bá ti rí i pé gbogbo nǹkan lẹ ní láti máa tẹ̀ ṣáájú àsìkò, ẹ má tíì dá ọwọ́ yín lẹ́bi, ẹ má sì tíì lọ ra páàdì tuntun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n ló ń di àwòrán mú kó tó gbé e sójú fún yín, ìyẹn sì ṣeé yí padà láti orí rìmóòtù láìná owó kankan.

Ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń fi àwòrán ṣe kí ẹ tó rí i

Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n òde òní kì í gbé àwòrán jáde bó ṣe wọlé. Á kọ́kọ́ gbà á, á nu ohun tó rí wínníwínní bí eruku kúrò lára rẹ̀, á mú kí etí àwọn nǹkan inú rẹ̀ hàn ketekete, á tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, kó tó wá fi hàn. Gbogbo rẹ̀ ló ń gba àsìkò, ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ àsìkò jù ni iṣẹ́ mímú kí ìrìn àwòrán dán. Níbi iṣẹ́ yìí, tẹlifíṣọ̀n máa ń dá àwòrán tuntun sí àárín méjì tó gbà, kí bọ́ọ̀lù tó ń sáré lè dà bí ẹni pé ó ń yọ́ lọ láìgún. Kò sì lè mọ ohun tó yẹ kó wà láàárín méjèèjì àfi bí èkejì bá ti dé ọwọ́ rẹ̀. Dandan ni kó dúró dè é. Bó ti wù kí ẹ̀rọ inú tẹlifíṣọ̀n náà lágbára tó, kò lè yẹ ìdúró yẹn sílẹ̀, nítorí ohun tí kò tíì dé ló ń dúró dè.

Fún ẹni tó ń wo fíìmù, kò sí wàhálà níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n á dá ohùn náà dúró níwọ̀n kan náà, ẹnu àti ọ̀rọ̀ á bára mu, ẹnikẹ́ni kò sì ní fura. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ọwọ́ yín bá ń pa àṣẹ fún ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n, nítorí ojú yín ń rí ohun tó ti kọjá nínú kọ́nsólù, ẹ sì ń dá a lóhùn bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà díẹ̀ sí i. Géèmù tó ń gbé àwòrán 60 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń fún àwòrán kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 16.7. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1000, ìdá kan nínú rẹ̀ ni mílísẹ́kọ́ǹdì kan. Tẹlifíṣọ̀n tó wà ní ipò fíìmù tàbí ipò ojoojúmọ́ lè di àwòrán mú fún mílísẹ́kọ́ǹdì 50, òmíràn á kọjá 100. Bó bá jẹ́ 100, ohun tí ẹ ń wò ti fi àwòrán mẹ́fà pẹ́. Tẹlifíṣọ̀n kan náà, nígbà tó bá bọ́ sí ipò géèmù, sábà máa ń sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bíi 10 sí 20. Ohun tí ipò géèmù ń ṣe kò ju pé ó ń pa àwọn iṣẹ́ àṣekún yẹn tì, kí àwòrán lè gba ọ̀nà kúkúrú kọjá.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé tẹlifíṣọ̀n ló ń fà á

Ohun tó ń dá eré dúró lè wá láti ibi mélòó kan, ipò géèmù sì ń tún ẹyọ kan ṣoṣo ṣe nínú wọn. Ẹ ṣí géèmù tí kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbá, kí ẹ sì wò ó bóyá ìdádúró náà ṣì wà. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń bá àwọn èèyàn gbá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni nǹkan ń fà, tí àwọn alátakò ń fò láti ibì kan síbòmíràn lójijì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ẹ óò bá wí. Ìdádúró ti tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iye kan náà ló máa ń jẹ́ nígbà gbogbo, kì í lọ kó bọ̀, ó sì wà níbẹ̀ kódà nígbà tí ẹ kàn ń sún àmì yíyàn sókè sódò nínú àkójọ àṣàyàn kọ́nsólù. Ìdí nìyẹn tí ojú ìwé àkọ́kọ́ kọ́nsólù fi dára fún àyẹ̀wò: kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, kò sí ọ̀pọ̀ èèyàn, bọ́tìnì àti ìdáhùn nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹ tan kọ́nsólù ná, kí ẹ tó ṣí ètò tẹlifíṣọ̀n

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kùnà níbí yìí. Wọ́n á ṣí ètò tẹlifíṣọ̀n nígbà tí wọ́n wà lórí áàpù fíìmù, wọ́n á yan ipò géèmù, wọ́n á wá bọ́ sórí kọ́nsólù, kò sì ní sí ohun tó yí padà. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ló ń pa ètò àwòrán mọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ihò HDMI kọ̀ọ̀kan àti fún àwọn áàpù inú rẹ̀. Ohun tí ẹ yàn lórí áàpù, ti áàpù ni. Lórí Samsung, bí ẹ kò bá sí lórí ihò HDMI, ọ̀rọ̀ Game Mode á hàn ní àwọ̀ eérú, kò sì ní gbà kí ẹ tẹ òun.

Nítorí náà, ẹ tan kọ́nsólù, ẹ jẹ́ kí àwòrán rẹ̀ wà lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ wo nọ́ńbà ihò HDMI tó wà, ẹ sì fi sọ́kàn. Bí ẹ bá yọ wáyà lọ́la tí ẹ sì fi í sí ihò mìíràn, ẹ óò tún gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí ṣe fún ihò tuntun náà.

Ibi tí ipò géèmù wà

Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló fi í síbi tó wù ú, wọ́n sì máa ń gbé e kiri láti ọdún dé ọdún. Mo máa kọ orúkọ àwọn àṣàyàn bí wọ́n ṣe ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ lè dá wọn mọ̀ bí ẹ bá rí wọn.

Lórí Samsung, ipò géèmù kì í ṣe ọ̀kan lára àwọn ipò àwòrán. Inú ètò àwọn ẹ̀rọ tí a so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi í sí, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wá a lábẹ́ Picture kì í fi rí i. Lórí àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ ni èyí:

```
Settings > General > External Device Manager > Game Mode Settings > Game Mode
```

Lórí àwọn tuntun, ó ti bọ́ sí ibòmíràn:

```
Settings > All Settings > Connection > Game Mode Settings > Game Mode
```

Ẹ óò rí On, Off àti Auto lórí púpọ̀ nínú wọn. Ẹ yan On ní báyìí, kó lè dá wa lójú pé ó ṣiṣẹ́. A máa sọ̀rọ̀ nípa Auto láìpẹ́.

Lórí LG àti Sony, ọ̀kan lára àwọn ipò àwòrán ni. Ẹ ṣí ètò, ẹ bọ́ sí Picture, lẹ́yìn náà Picture Mode. Lórí LG tuntun, orúkọ rẹ̀ ni Game Optimizer. Lórí àwọn tó ṣáájú 2021, Game lásán ni. Sony náà ń pè é ní Game. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n Hisense náà fi Game sáàárín àwọn ipò àwòrán.

Tẹlifíṣọ̀n tó ń lo Roku, bíi ti TCL kan, tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí kọ́nsólù ṣe wà lójú, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ní àmì ìràwọ̀ lórí rìmóòtù, ẹ wọ Advanced picture settings, ẹ sì tan Game mode. Inú ètò gbogbogbòò tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ kọ́ lẹ óò ti rí i; ẹ gbọ́dọ̀ ti wà lórí ihò kọ́nsólù kí ẹ tó tẹ ìràwọ̀ náà.

Bí tẹlifíṣọ̀n yín kò bá sí nínú àwọn wọ̀nyí, ibi méjì yẹn náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: àárín àwọn ipò àwòrán, lẹ́yìn náà ètò tó jẹ mọ́ ihò HDMI tàbí àwọn ẹ̀rọ tí a so mọ́ ọn. Bí kò bá sí Game rárá, ẹ wá PC. Ipò PC máa ń pa ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àṣekún yẹn tì bákan náà. Lórí tẹlifíṣọ̀n kan, kì í hàn láàárín àwọn ipò àwòrán. Ẹ̀yin lẹ óò yí orúkọ ihò HDMI náà padà sí PC nínú àkójọ àwọn ihò, tẹlifíṣọ̀n á sì mọ irú ìtọ́jú tó yẹ kó fún un.

Kí kọ́nsólù máa tan án fúnra rẹ̀

Ó ń sú èèyàn láti máa lọ tan ipò géèmù kó sì máa pa á nítorí fíìmù. ALLM ni ọ̀nà àbáyọ. Ó wà lára ohun tí HDMI 2.1 mú wá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí kọ́nsólù ránṣẹ́ gba inú wáyà HDMI sọ fún tẹlifíṣọ̀n pé géèmù ti bẹ̀rẹ̀, kí tẹlifíṣọ̀n sì bọ́ sí ipò géèmù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan rìmóòtù. Nígbà tí géèmù bá parí, ó lè padà sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀.

Lórí PS5, ALLM kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ló dé pẹ̀lú àtúnṣe sọ́fítíwíà. Ibi tó wà nìyí, ẹ sì yan Automatic:

```
Settings > Screen and Video > Video Output > ALLM
```

Lórí Xbox, àpótí kékeré kan ni ẹ óò fi àmì sí. Orúkọ rẹ̀ ni Allow auto low-latency mode, ibi tó sì wà ni:

```
Settings > General > TV & display options > Video modes
```

Tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ gbà pẹ̀lú. Lórí Samsung, Auto tí mo mẹ́nu kàn lókè ni ẹ óò yàn. Lórí LG, ẹ wá Instant Game Response fún ihò HDMI náà. Bí kọ́nsólù bá ní tẹlifíṣọ̀n yín kò gba ALLM, ẹ wò ó bóyá sáúńdìbáà wà láàárín wọn. Bí wáyà kọ́nsólù bá gba inú sáúńdìbáà kọjá kó tó dé tẹlifíṣọ̀n, sáúńdìbáà náà ní láti mọ bí a ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ ki wáyà kọ́nsólù bọ tẹlifíṣọ̀n tààrà, kí ẹ sì jẹ́ kí ohùn gba ihò tí wọ́n kọ ARC tàbí eARC sí lára padà sínú sáúńdìbáà.

PS4 àti Nintendo Switch àkọ́kọ́ kì í fi ALLM ránṣẹ́. Fún ẹni tó ń lo ọ̀kan nínú wọn, Auto kò lè ṣe ohunkóhun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ jẹ́ ti ọdún yìí. Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tan ipò géèmù lórí ihò náà, kó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, bó bá jẹ́ pé géèmù nìkan ni kọ́nsólù yín wà fún, ohun tó dára jù fún gbogbo kọ́nsólù náà nìyẹn, kódà fún èyí tó ní ALLM, nítorí ohun tí a ti tàn sílẹ̀ kò ní gbàgbé láti tàn.

Ẹ má ṣe dá iṣẹ́ tó ń fa ìdádúró padà

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tan ipò géèmù, ẹ wọ inú ètò àwòrán lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ wo àwọn iṣẹ́ àṣekún ọ̀hún. Èyí tó ń mú ìrìn àwòrán dán ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. LG ń pè é ní TruMotion, Sony ń pè é ní Motionflow, Samsung ti pè é ní Auto Motion Plus, ó sì tún ti pè é ní Picture Clarity. Ó yẹ kó ti kú tàbí kó ti di ohun tí a kò lè tẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Noise Reduction àti ohunkóhun mìíràn tó bá ń sọ pé òun á fọ àwòrán mọ́.

Samsung tún ní ọ̀kan tó ń tan èèyàn jẹ, orúkọ rẹ̀ ni Game Motion Plus. Nítorí Game tó wà nínú orúkọ rẹ̀, àwọn èèyàn a máa rò pé ó ń dín ìdádúró kù. Iṣẹ́ mímú ìrìn dán náà ni, wọ́n kàn ṣe é kó má wúwo púpọ̀ ni. Ó ń fi ìdádúró kún un. Fún géèmù ìrìn-àjò tó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ẹ kò ní láti já bọ́tìnì mọ́ àsìkò, ẹ lè fẹ́ràn bó ṣe rí. Fún géèmù ìjà, bọ́ọ̀lù, ìbọn tàbí ti orin tó ń lo ìlù, ẹ pa á.

Ẹ fi fóònù wọn ìdádúró náà

Ojú lè tan èèyàn jẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ipò géèmù á máa retí pé kó yára, ó sì lè rò pé ó ti yára bó tilẹ̀ jẹ́ pé ihò mìíràn ló tan án fún. Fóònù tó lè ya fídíò ní 240 àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó láti mọ òtítọ́. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ń kọ Slow Motion tàbí Slo-mo sí ibi tí ó wà. Ẹ yan 240, ẹ má ṣe wá èyí tó ga jù ú lọ, torí pé àwọn fóònù kan a máa dá àwòrán àárín fúnra wọn láti lè pe nọ́ńbà ńlá, ohun tí a sì ń sá fún lára tẹlifíṣọ̀n gan-an nìyẹn.

Ẹ dúró sí ojú ìwé àkọ́kọ́ kọ́nsólù. Ẹ gbé páàdì síwájú tẹlifíṣọ̀n, kí ẹnìkan bá yín di fóònù mú tàbí kí ẹ fi í ti nǹkan, kí àtàǹpàkò yín àti àmì yíyàn tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n lè jọ wà nínú fídíò kan ṣoṣo. Ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, títí yóò fi pé ìgbà márùn-ún. Ẹ tẹ̀ ẹ́ gbọingbọin, kí ó lè hàn kedere nínú fídíò pé ọwọ́ ti dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yí tẹlifíṣọ̀n sí ipò ojoojúmọ́ rẹ̀, kí ẹ tún ya ìgbà márùn-ún mìíràn láìyí ohunkóhun mìíràn padà.

Láti kà á, ẹ gbé fídíò náà sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí i nínú VLC, kí ẹ dá a dúró, kí ẹ sì máa tẹ lẹ́tà E. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, fídíò á fi àwòrán kan ṣí síwájú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ibi tí bọ́tìnì ti kan ìsàlẹ̀, ẹ sì dúró níbi tí àmì yíyàn ti kọ́kọ́ mira, bó ti wù kó kéré mọ. Àwòrán fóònù kọ̀ọ̀kan dúró fún nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 4.17.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é parí. Ká ní ní ipò ojoojúmọ́, ohun tí ẹ kà ni 41, 44, 43, 45 àti 42. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 215, tí a bá pín in sí márùn-ún, ó jẹ́ 43. Ká ní ní ipò géèmù, ẹ ka 23, 24, 22, 25 àti 21. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 115, ìdá márùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ 23. Ẹ yọ 23 kúrò nínú 43, ó ku 20. Ẹ fi 4.17 ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, ó di nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 83, ìyẹn àwòrán géèmù márùn-ún gbáko tí ipò géèmù gbà padà fún yín.

Ó yẹ kí ẹ kíyè sí nǹkan méjì nínú àpẹẹrẹ yìí. Èkínní, àwọn nọ́ńbà inú ipò kan náà kò dọ́gba, kò sì túmọ̀ sí pé ẹ kà á lódì. Bọ́tìnì yín lè bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ àwòrán géèmù kan, ó sì lè bọ́ sí ìparí rẹ̀; àwòrán géèmù kan sì gba àyè àwòrán fóònù mẹ́rin. Nítorí náà, bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà méjì tí ẹ tẹ̀ ẹ́ kò bá ju mẹ́rin lọ, ẹ má kà á sí ohunkóhun. Àròpọ̀ tí a pín ni kí ẹ gbára lé. Èkejì, 23 tó kù kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n nìkan. Nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 96 ni, páàdì tí kò ní wáyà, kọ́nsólù, ojú ìwé tó ń dáhùn àti tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n jọ pín in. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ipò méjèèjì nìkan ni ẹ lè fi búra pé ti tẹlifíṣọ̀n ni, nítorí tẹlifíṣọ̀n nìkan lẹ yí padà.

Bí nọ́ńbà méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọ̀kan nínú mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ipò géèmù kò tàn lórí ihò tí ẹ wà. Ó lè jẹ́ pé ALLM ti tan án padà lẹ́yìn yín nígbà tí ẹ rò pé ẹ ti pa á, nítorí náà ẹ pa ALLM lórí kọ́nsólù kí ẹ tó wọn ti ipò ojoojúmọ́. Ó sì lè jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n yín kì í ṣe iṣẹ́ àṣekún púpọ̀ láti ilẹ̀ wá, bí àwọn tí kò ní ohun tó ń mú ìrìn dán, kò sì sí ohun púpọ̀ láti gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí àwòrán bá ṣú tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń tan ipò géèmù lónìí, wọ́n ń pa á lọ́la, torí pé wọn kò fẹ́ràn bí àwòrán ṣe rí. Àwọ̀ lè ṣí sí búlúù, ibi dúdú lè dà bí eérú, etí àwọn nǹkan sì lè mú jù. Ẹ má pa á. Ipò géèmù ní ètò àwọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ sì lè tún un ṣe. Ẹ gbé Color Temperature tàbí Color Tone lọ sí Warm, ẹ dín Sharpness kù, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn kún un bó bá ṣú. Àwọn wọ̀nyí kò ní kí tẹlifíṣọ̀n dúró de àwòrán tó ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ń dá ìdádúró padà. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì lórí àṣàyàn kan, ẹ tún fi fóònù wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó ń lo HDR, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn nínú àwòrán túbọ̀ yàtọ̀ síra, ní láti tún ètò rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ipò géèmù bá ti tàn. Tẹlifíṣọ̀n lè máa lo ìmọ́lẹ̀ lọ́nà mìíràn ní ipò géèmù, bí kọ́nsólù bá sì ń lo ìwọ̀n tó gbà nígbà ipò fíìmù, ojú ọ̀run inú géèmù lè funfun báláú láìsí ìkùukùu kankan nínú rẹ̀. Lórí PS5, Adjust HDR lẹ óò wá lábẹ́ Video Output. Lórí Xbox, Calibrate HDR for games. Lórí LG, ẹ kọ́kọ́ yan HGiG nínú ètò àwòrán tẹlifíṣọ̀n, kó má baà jẹ́ pé kọ́nsólù ń tún ìmọ́lẹ̀ ṣe, tẹlifíṣọ̀n náà tún ń tún un ṣe lé e lórí.

Nígbà tí ohùn bá wá ń pẹ́ ju àwòrán lọ

Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Kí wọ́n tó tan ipò géèmù, ohùn àti àwòrán jọ ń pẹ́ ni. Ní báyìí tí àwòrán ti yára, ohùn tó ń gba inú sáúńdìbáà lè kù sẹ́yìn, kí ẹ rí iná ìbọn kí ẹ tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ wo Audio Delay tàbí AV Sync lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí sáúńdìbáà, kí ẹ rí i pé odo ni wọ́n wà, torí pé ètò yẹn lè dá ohùn dúró sí i, ṣùgbọ́n kò lè fà á síwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ yan Pass Through níbi ètò ohùn tó ń jáde, kí tẹlifíṣọ̀n má ṣe tú ohùn palẹ̀ kó tún un dì kó tó fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé búlútúùtù lẹ fi so ẹ̀rọ ohùn mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ lo wáyà.

Ibi tí agbára ipò géèmù mọ

Géèmù tó ń gbé àwòrán 30 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń di àwòrán kọ̀ọ̀kan mú fún mílísẹ́kọ́ǹdì 33.3, tẹlifíṣọ̀n kò sì lè ṣe ohunkóhun sí i. Níbẹ̀, ẹ wọ inú ètò géèmù náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ géèmù PS5 àti Xbox Series ló ní àṣàyàn kan tí wọ́n ń pè ní Performance, èyí tó ń fi díẹ̀ lára ẹwà àwòrán sílẹ̀ kó lè dé 60. Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá gba 120 Hz tí géèmù náà sì gbà á, àwòrán kọ̀ọ̀kan á sọ̀kalẹ̀ sí mílísẹ́kọ́ǹdì 8.3, ìdádúró tẹlifíṣọ̀n náà á sì tún dín kù. Kì í ṣe gbogbo ihò HDMI ara tẹlifíṣọ̀n ló ń gba 120 ní 4K. Lórí àwọn kan, ẹyọ kan tàbí méjì nìkan ni, a sì sábà máa ń kọ ọ́ sí ara ihò náà.

Àtúnṣe sọ́fítíwíà tẹlifíṣọ̀n lè dá àwọn ètò kan padà sí bí wọ́n ṣe wà nígbà tí ẹ rà á. Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ wọ̀n ní ipò géèmù sílẹ̀. Bí géèmù bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́wọ́ yín lẹ́yìn irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, ẹ padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́ kọ́nsólù, ẹ tún ya ìgbà márùn-ún, kí ẹ fi wé èyí tí ẹ kọ.